Iṣẹ́ mẹ́ta tí mi ò parí: báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ fún ọ̀gá?

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí l'Óṣogbo. Ọ̀gá ní kí n fọ táǹkì iyanrìn, kí n pààrọ̀ fílítà òwú, kí n sì to báàgì tí mọ́tò Igbóǹnà máa wá kó láàárọ̀. Iná lọ, akọ̀wé tún ní kí n wá bá wọn já náílọ́ọ̀nù, aago mẹ́fà lù, kò sí èyí tó parí. Kí ni mo máa kọ tí kò fi ní dún bí àwáwí?

Ìdáhùn: Má di gbogbo ẹ̀ ru iná. Ọ̀gá á bi ọ́ pé ṣé iná ló ń to báàgì ni.

Táǹkì iyanrìn ni kí o fi ṣáájú, torí òun ló lè kó bá ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Tí a bá ń fọ̀ ọ́, ìsàlẹ̀ ni omi ti ń gba inú iyanrìn gòkè, á ru ẹrẹ̀ tó ti sùn síbẹ̀ dìde, á sì gbé e dà síta. Bí ẹ̀rọ afami bá kú láàárín, ẹrẹ̀ ti tú ká, kò sì tíì jáde. Ẹni tí kò mọ̀ á yí fáàfù padà sí ti iṣẹ́, ẹrẹ̀ á sì ya wọ inú fílítà. Nítorí náà, kọ àwọ̀ omi tó ń jáde kẹ́yìn, àti bí o ṣe fi fáàfù sílẹ̀.

Ti fílítà òwú kì í ṣe ẹjọ́ iná, ọwọ́ la fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Táǹkì tí kò tíì mọ́ ló dá a dúró: bí o bá ki tuntun bọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ tó fi pọ́n. Ìwọ lo pinnu rẹ̀, ìpinnu gidi sì ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ti báàgì ò gba àlàyé púpọ̀, iye ni kí o kọ. “Mo ti to díẹ̀” ò wúlò fún ẹni tó ń retí mọ́tò.

Bí èmi bá ni, báyìí ni mo máa kọ ọ́:

“Ẹ káalẹ́, ọ̀gá mi. Iná lọ ní aago 4:20 nígbà tí mò ń fọ táǹkì iyanrìn, jẹnẹrétọ̀ ò sì lè gbé ẹ̀rọ afami. Omi tó ń jáde ṣì pọ́n. Mo ti fáàfù pa, mo so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un fọ̀ títí omi á fi mọ́, kí wọ́n da omi àkọ́kọ́ nù kí wọ́n tó ṣí i sí fílítà. Mi ò tíì pààrọ̀ fílítà òwú, kí ẹrẹ̀ má bàa ba tuntun jẹ́. Ó wà lórí tábìlì, mi ò tíì já ọ̀rá rẹ̀. Nínú báàgì 120, mo ti to 85. Akọ̀wé ní kí n wá bá wọn já náílọ́ọ̀nù ní aago 4:50, a parí ní 5:50. Ó ku 35.”

Ìbéèrè: Akọ̀wé ò ní bínú pé mo dárúkọ òun?

Ìdáhùn: Ẹni tó rán ọ àti aago lo kọ, o ò sọ pé ó dí ọ lọ́wọ́. Fi hàn án kí o tó fi ránṣẹ́. Kí o sì sọ ti fáàfù fún ẹni tó ń bọ̀ lálẹ́ fúnra rẹ, torí ọ̀gá lè má ka ìwé náà títí ilẹ̀ á fi mọ́.