Ìdáhùn bọ́ sí i, ọ̀nà ni kò bá gáìdì mu: báwo ni máàkì ṣe ń wọlé?

Ká ní ìbéèrè ìṣirò kan ní kíláàsì girama ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ báyìí: obìnrin kan ta kóńgò 20 ní ọjà Òkè-Ajé, gaàrí àti ìrẹsì. ₦800 ni kóńgò gaàrí, ₦2,000 ni ti ìrẹsì, ₦23,200 ló pa. Kóńgò mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Gáìdì tí tíṣà fi ń máàkì ní kí a kọ g + r = 20 àti 800g + 2000r = 23200, kí a sì yanjú méjèèjì pọ̀. Máàkì márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ M, máàkì ọ̀nà: ọ̀kan fún ìlà kìíní, ọ̀kan fún ìkejì, ọ̀kan fún yíyọ lẹ́tà kan kúrò. Méjì tó kù jẹ́ A, máàkì ìdáhùn, A kì í sì í wọlé láìsí M tó bí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kọ tirẹ̀ láìfi lẹ́tà kankan sí i:

"Tó bá jẹ́ gaàrí ni gbogbo ẹ̀, 20 × 800 = 16,000. Ó ku 7,200. Ìrẹsì fi 1,200 ju gaàrí lọ. 7,200 ÷ 1,200 = 6. Ìrẹsì 6, gaàrí 14."

Ibí ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á wá g àti r, wọn ò ní rí i, wọ́n á sì fún un ní méjì péré, tàbí òdo. Ìyẹn kò tọ́ rárá. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé kí ni M kọ̀ọ̀kan ń san owó fún? Ti àkọ́kọ́ ń sanwó fún lílo iye kóńgò, 20 sì wà nínú iṣẹ́ ọmọ náà. Ti ìkejì ń sanwó fún lílo owó tó wọlé, òun ló sì bí 7,200 yẹn. Ti ìkẹta ń sanwó fún mímú ọ̀rọ̀ wá sórí ohun kan ṣoṣo tí a kò tíì mọ̀. Pípín 7,200 sí ọ̀nà 1,200 ti ṣe bẹ́ẹ̀. Márùn-ún nínú márùn-ún ni. Ká ní ó ṣi ìyọkúrò ṣe, tó kọ 6,000 dípò 7,200, ìrẹsì 5 ni yóò rí: A á lọ, M mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dúró.

Kì í ṣe gbogbo ìdáhùn tó bọ́ sí i ni ọ̀nà rẹ̀ tọ́. Ẹni tó fagi lé 6 nínú 16/64 tó sì rí 1/4 ṣe kòńgẹ́ ni. Ẹ yí iye padà kí ẹ wò ó: fagi lé 6 nínú 26/36, ẹ ó rí 2/3, bẹ́ẹ̀ 13/18 ni. Òdo ni tirẹ̀. Ẹ yí iye owó gaàrí àti ìrẹsì padà nínú iṣẹ́ ọmọ tòkè yẹn, ìdáhùn á ṣì bọ́ sí i.

Tí ìbéèrè bá sì dárúkọ ọ̀nà tó fẹ́, ọ̀nà yẹn gan-an ni M ń sanwó fún. Òmíràn kò lè gbà á.

Nínú ìdánwò WAEC, àwọn tó ń máàkì máa ń kọ́kọ́ jókòó fẹnu kò lórí gáìdì. Ọ̀nà tí gáìdì kò mẹ́nu bà á lọ sọ́dọ̀ olórí wọn. Ní ilé-ìwé, kí tíṣà kọ ìpín máàkì ọ̀nà tuntun náà sínú gáìdì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìwé ọmọ mìíràn tó gba ọ̀nà kan náà lè wà nísàlẹ̀ òkìtì yẹn.