Ọwọ́ aṣọ tẹ́ ẹ ní ó gùn jù yẹn, ẹ kọ́kọ́ wo èjìká ná

Tí kọ́sítọ́mà bá gbé jákẹ́ẹ̀tì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tó ní "bọ̀dá, ẹ bá mi gé ọwọ́ ẹ̀ díẹ̀, ó ti gùn jù", mi ò kì í mú sísọ́ọ̀sì. Mo máa ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ ná, kí wọ́n yí ẹ̀yìn sí mi, torí lọ́pọ̀ ìgbà ọwọ́ yẹn ò gùn rárá, èjìká ló fẹ̀ jù, òun ló ti ọwọ́ aṣọ sísàlẹ̀.

Èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi ẹ̀. Màmá kan tó jẹ́ tíṣà, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń gbé, wọ́n fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa wọ̀ sórí síkẹ́ẹ̀tì, ọmọ wọn obìnrin ló bá wọn wọn ara wọn tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù: èjìká 16½, ọwọ́ 23. Mi ò bèèrè nǹkan kan, mo gé e, mo rán an. Ìgbà tí màmá dé, ẹnu ọwọ́ jákẹ́ẹ̀tì ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ọrùn ọwọ́ wọn, ojú ìrán tó yẹ kó jókòó sórí eegun èjìká ti ṣubú sórí apá, ibẹ̀ wá kó jọ bí ìrọ̀rí tí wọ́n fa òwú inú ẹ̀ yọ.

Mo tún wọ́n wọ̀n. Íńṣì 15 péré ni èjìká wọn! Ọwọ́ 23 yẹn sì dáa, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Mo bi ọmọ náà bó ṣe wọ̀n ọ́n, ó ní bùbá ló wà lọ́rùn màmá, òun kàn fi téèpù lé ojú ìrán bùbá lápá kìíní dé ìkejì. Ẹ gbọ́ ná. Ojú ìrán bùbá kì í dúró lórí eegun, gbọọrọ la máa ń gé e, apá la máa ń jẹ́ kó bọ́ sí, bó ṣe ń rí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ tí bùbá bá fi íńṣì 1 tàbí 2 fẹ̀ ju èèyàn lọ. (Ìdí nìyí tí ẹlòmíì fi ń rán bùbá fún ọdún mẹ́wàá tí jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo á wá tú àṣírí ẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò ẹ̀. Láti eegun tó yọ lẹ́yìn ọrùn títí dé ọrùn ọwọ́, ọ̀nà kan náà ni, èjìká kàn jẹ́ ibùdókọ̀ tó wà láàárín. Ìdajì èjìká màmá jẹ́ 7½, ẹ fi 23 kún un, ó di 30½. Jákẹ́ẹ̀tì tí mo rán ńkọ́? Ìdajì 16½ jẹ́ 8¼, pẹ̀lú 23 ó di 31¼. Ẹ rí i pé ¾ íńṣì ló lé lápá kọ̀ọ̀kan, iye tí ọwọ́ fi gùn ju ara wọn lọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Tí mo bá ti gé ¾ yẹn kúrò lẹ́nu ọwọ́ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, ọwọ́ á bá ọrùn ọwọ́ mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí màmá bá gbé ọwọ́ sókè láti kọ nǹkan sára bọ́ọ̀dù, gbogbo jákẹ́ẹ̀tì ló máa gbéra bá ọwọ́ lọ sókè, torí ihò apá ò sí níbi tí apá gan-an ti ń tẹ̀.

Nítorí náà mo tú ọwọ́ méjèèjì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ¾ lórí èjìká lápá kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí ìlà náà máa tín-ín-rín bọ̀ títí tó fi parí sí nǹkan bí agbedeméjì ihò apá, mi ò fọwọ́ kan abẹ́ abíyá rárá, mo gé e, mo wá fi sùúrù da ọwọ́ padà síbẹ̀. Odidi ọ̀sán kan ló gbà mí, owó kankan ò sì wọlé níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èjìká há ni, ọ̀ràn á le jù báyìí lọ. Ojú ìrán á máa gòkè lọ sọ́dọ̀ ọrùn, ẹ̀yìn aṣọ á máa fà tí wọ́n bá na ọwọ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ aṣọ tá a máa ń fi sílẹ̀ nínú ojú ìrán kì í sábàá ju ààbọ̀ íńṣì lọ, kí lèèyàn fẹ́ tú níbẹ̀?

Báwo la ṣe wá ń wọ̀n ọ́n? Kí ẹni yẹn bọ́ bùbá, bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, kó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí nǹkan fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi ìka yín tọ eegun orí èjìká lọ láti ìdí ọrùn títí eegun á fi tán, kẹ́ ẹ wá ní kó gbé apá sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa rí ibì kan tó jin wọnú díẹ̀ lórí èjìká, ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ fi bírò tọ́ ọ, ẹ ṣe ìkejì náà. Kó wá sọ ọwọ́ sílẹ̀, kó dúró bó ṣe máa ń dúró nílé, torí tí àwọn èèyàn bá ti rí téèpù báyìí, wọ́n á ta àyà síta bíi sójà, ẹ̀yìn á sì kéré sí i. Ẹ̀yìn lẹ ti máa wọ̀n ọ́n, láti àmì kan dé ìkejì, kí téèpù gba orí eegun ẹ̀yìn ọrùn kọjá.

Tó bá kan ọwọ́, ẹ ní kó ká ìgúnpá díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbọwọ́ lé ìdí. Láti àmì èjìká, kí téèpù gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá, kó parí sí eegun tó yọ lọ́rùn ọwọ́ lápá ibi tí ọmọńdinrín wà. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n nígbà tí ọwọ́ nà tọ́ọ́rọ́, aṣọ á dáa tó bá dúró, ṣùgbọ́n tó bá di ọkọ̀ mú tàbí tó wà lórí ọ̀kadà, ọwọ́ aṣọ á sún sókè. Ti jákẹ́ẹ̀tì lè dúró sórí eegun yẹn gan-an, kí ṣẹ́ẹ̀tì inú lè yọ díẹ̀, bíi ààbọ̀ íńṣì.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti eegun ẹ̀yìn ọrùn, kó gba orí àmì èjìká, ìgúnpá, dé ọrùn ọwọ́. Tí kò bá ti fẹ́ẹ̀ẹ́ tó iye kan náà pẹ̀lú ìdajì èjìká àti ọwọ́ tẹ́ ẹ rò pọ̀, ibì kan ti ṣì, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí télọ̀ kankan. Nísinsìnyí tẹ́nì kan bá fi 16½ àti 23 ránṣẹ́ sí mi, ìwọ̀n kẹta yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè.

Ẹ wọn apá méjèèjì o. Èjìká òsì màmá yìí rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ, báàgì ìwé ni wọ́n ní àwọn fi ń kọ́ ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, n ò lè sọ bóyá òun ló fà á. Páàdì tó nípọn díẹ̀ ju èkejì lọ ni mo fi sí apá òsì, kó tó di pé mo gbé láínììn sí i, wọ́n wo dígí títí, wọ́n ní ta ló tún jákẹ́ẹ̀tì yìí ṣe, mo ní ẹni tó kọ́kọ́ bà á jẹ́ náà ni mà.