Ìdin Inú Iyẹ̀pẹ̀ Ni Kí A Dojú Kọ, Kì í Ṣe Kantíkantí Tó Ń Fò

Bí a bá ń bomi rin òdòdó inú ìkòkò, tí kantíkantí dúdú wá ń gbéra láti ojú iyẹ̀pẹ̀, èyí tó ń fò la máa ń fẹ́ pa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó ń fò kì í jẹ ewéko, kì í sì í lò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ láyé. Àmọ́ kí abo kan tó kú, ó lè yé ẹyin tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ 4, ẹyin á pa, ìdin á jáde. Ara rẹ̀ funfun, ó mọ́ gaara débi pé a lè rí ohun tó jẹ nínú ikùn rẹ̀, orí rẹ̀ sì dúdú. Bí ọ̀sẹ̀ 2 ló fi ń jẹ èbu àti ewé tó ti jẹrà. Bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbòǹgbò wẹ́wẹ́, ewéko á wá máa rọ bó tilẹ̀ ń rí omi. Lẹ́yìn náà, ìdin á dúró jẹ́ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, á yí padà, á sì fò jáde. Níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lọ.

Ìdin yìí kì í sábà jìnnà sójú iyẹ̀pẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń pa á. Nítorí náà, kí a jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ òkè gbẹ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 3 kí a tó tún bomi rin ín. Gbòǹgbò tó ti wọlẹ̀ á ṣì máa rí omi nísàlẹ̀. Àmọ́ irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò lè fara da èyí.

Láti mọ̀ bóyá ìdin wà níbẹ̀, ẹ gé pòtétò tútù pẹlẹbẹ, kí ẹ dojú rẹ̀ dé iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 3, ẹ ṣí i wò. Bí ìdin bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ po Bti, bakitéríà tí wọ́n ń tà fún pípa ìdin ẹ̀fọn, mọ́ omi tí ẹ fẹ́ fi rin ín, gẹ́gẹ́ bí ara páálí ṣe wí. Ìdin á gbé e mì, májèlé inú rẹ̀ á sì fa ìfun rẹ̀ ya. Kì í ṣe ewéko ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n Bti kì í pa ẹyin, kì í pa èyí tó ti ń yí padà, kì í sì í pẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la máa ń lò ó: ọjọ́ 1, ọjọ́ 8, ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 22, kí èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lè bá a níbẹ̀.

Ẹ gbé páálí yẹ́lò tó ní gọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, kí ẹ máa ka iye tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó lè má dín kù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí èyí tó ti ń yí padà tẹ́lẹ̀ á ṣì máa fò jáde. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́, ó sì dùn mí, nítorí iṣẹ́ ń lọ lábẹ́lẹ̀. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin tí iye náà ò dín kù, ẹ wo ìkòkò mìíràn tó wà nítòsí, tàbí kí ẹ gbé ti òdòdó náà sókè: ó ṣeé ṣe kí ihò ìdí rẹ̀ ti dí.