Ẹ wo ibi tí ìlà ti já kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan aráyé

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gbé àkọsílẹ̀ fídíò wọn wá fún mi láti tún ṣe ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ ìlara àti ọwọ́ ayé, nígbà tí ìlà tí YouTube Studio yà nípa iye òǹwòran tí ó kù ti fi ibi tí àìsàn wà hàn kedere.

Ẹ jẹ́ kí a wo fídíò aránṣọ kan, tí ó gùn tó ìṣẹ́jú 8, tí ó fẹ́ fi kọ́ni bí a ṣe ń gé ọrùn bùbá tí kò ní máa yọ̀ bọ́ léjìká. Kí ó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 30, ó ju ìdajì àwọn tí ó ṣí i lọ tí ó ti jáde, nítorí pé ìkíni, orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n di alábàápín ni wọ́n ṣì ń gbọ́. Mo fa gbólóhùn kan yọ láti ìṣẹ́jú kejì, mo sì fi í ṣíwájú: “Bí bùbá yín bá ń bọ́ léjìká, ọrùn ni ẹ gé fẹ̀ jù.”

Àárín ni ó máa ń dùn mí jù, nítorí pé ibẹ̀ kì í pariwo. Ìlà ọ̀pọ̀ fídíò ni ó máa ń rọra sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú kẹta sí ìkarùn-ún, tirẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ju ibi yòókù lọ: ó ń ròyìn bí ó ṣe ra aṣọ ní ọjà. Ọ̀nà tí mo fi ń dán irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ni pé mo máa ń fi ọwọ́ bò ó, kí n ka èyí tí ó tẹ̀ lé e; bí ó bá ṣì yé mi láìkù síbì kan, a yọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni mo dá sí, èyí tí ó sọ pé ọrùn tí a ti gé máa ń fẹ̀ sí i bí a bá ń fà á, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ti mú àlùmọ́gàjí.

Ní ìparí, bí ó ti ní “ní àkótán” báyìí ni ìlà já. Ọ̀pọ̀ fídíò ni ó ń já níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe jíjá yẹn ni àrùn. Àrùn ibẹ̀ ni pé ó ní kí wọ́n pe òun, kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tún ra ìwé òun, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe ọ̀kankan. A fi ẹyọ kan sílẹ̀, pé kí wọ́n kọ ìwọ̀n èjìká wọn sí abẹ́ fídíò, ó sì sọ ọ́ ní kété tí ọrùn náà jókòó dáadáa, kí ó tó dágbére.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ra òǹwòran lọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì tí ń ṣèlérí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀pọ̀ òǹwòran rírà kì í dúró wo nǹkan kan; yóò ṣí i, yóò sì jáde, ìlà yóò sì já ní ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé àkọsílẹ̀ ni kò dára. Ọkùnrin kan ti tìtorí irú ìlà bẹ́ẹ̀ yọ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ dànù kí ó tó wá bá mi. Bí ẹ bá ti ra irú rẹ̀ rí, ẹ sọ fún mi kí n tó ṣí ìlà yẹn, nítorí pé fídíò mìíràn tí a kò ra òǹwòran fún ni a óò ní láti yẹ̀ wò.