Ó ti pín ogún tán kí gbèsè tó yọjú: ta ló máa san?

Mo gbọ́ pé ilé ẹjọ́ ní kí obìnrin kan fi owó ara rẹ̀ san gbèsè bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ṣé à ń jogún gbèsè ni?

Rárá. Dúkìá òkú ni gbèsè òkú wà lọ́rùn rẹ̀, kò sí lọ́rùn ọmọ. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ìwé ìhágún yàn ṣe alábòójútó ogún, tó wá pín dúkìá kí ó tó san gbèsè. Àṣìṣe tirẹ̀ ló ń san. Àmọ́ àpò tí owó ti ń jáde ò mọ ìyẹn.

Òfin ibo lẹ ń sọ?

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà lò. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo tó dé, iye ọjọ́ àti orúkọ ìwé ló máa ń yàtọ̀.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó?

Bí báńkì bá ti gba ilé dógò, lára ilé yẹn ló ti máa mú tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ìsìnkú tó mọ níwọ̀n ló ṣáájú, lẹ́yìn náà owó tí iṣẹ́ ogún fúnra rẹ̀ ń ná, bíi owó ilé ẹjọ́ àti ti lọ́yà. Gbèsè ló kàn. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá tán ni à ń débi ọmọ, àbúrò àti ọ̀rẹ́ tí olóògbé kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ogún.

Ẹ fi owó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ ká lo owó yòówù tí ẹ bá ń ná. Bàbá kan kú, ó fi ilé tó tó 70,000 sílẹ̀, 25,000 ní báńkì, àti ọkọ̀ tó tó 5,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100,000. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí àbúrò òun mú ọkọ̀, kí wọ́n fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ní 10,000, kí àwọn ọmọ òun méjèèjì sì pín ìyókù dọ́gba. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló fi ṣe alábòójútó.

Ọmọ náà ta ilé, ó san 8,000 fún ìsìnkú àti ilé ẹjọ́, 92,000 sì kù. Ọkọ̀ lọ, 10,000 lọ, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pín 77,000, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 38,500. Inú gbogbo ẹbí dùn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, oníṣòwò kan mú ìwé tí bàbá fọwọ́ sí wá: 30,000. Iléeṣẹ́ owó orí náà kọ̀wé: 12,000. Ó di 42,000, kò sì sí kọ́bọ̀ nínú àkáǹtì ogún mọ́.

Ká ní ó dúró ni, 92,000 ì bá kọ́kọ́ bọ́ sórí gbèsè, 50,000 ì bá kù. Àbúrò bàbá ṣì máa gba ọkọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ṣì máa gba 10,000 rẹ̀, nítorí pé ìpín àwọn tó ń gba ìyókù ni gbèsè kọ́kọ́ máa ń jẹ. Àwọn ọmọ ì bá pín 35,000, ìyẹn 17,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, òun nìkan ni àwọn méjèèjì tí bàbá jẹ lówó máa kọ́kọ́ kọjú sí. Àwọn lọ́yà ní ọ̀rọ̀ Látìn àtijọ́ kan fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ó ti fi ṣòfò", bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò ná kọ́bọ̀ ní ìnákúnàá.

Tí kò bá mọ̀ pé gbèsè wà ńkọ́?

Ibí yìí ló ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. "Mi ò mọ̀" nìkan ò lè gbà á. Ohun tó lè gbà á ni ìkéde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá 27 nínú òfin ọdún 1925 lórí àwọn tó ń di dúkìá mú fún ẹlòmíràn gba alábòójútó láyè láti polówó nínú ìwé ìròyìn ìjọba, àti nínú ìwé ìròyìn àdúgbò tí ilẹ̀ tàbí ilé bá wà nínú ogún. Ìpolówó náà máa sọ pé kí ẹni tí olóògbé jẹ ní ohunkóhun kọ̀wé wá, ọjọ́ tó máa dá ò sì gbọ́dọ̀ dín ní oṣù méjì. Bí ọjọ́ bá pé, ó lè pín ogún fún àwọn tó ní ẹ̀tọ́, kó wo gbèsè tó mọ̀ nìkan. Ẹni tó bá yọjú lẹ́yìn náà kò lè mú un mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó gba ogún ló máa lọ.

Àmọ́ ìkéde kì í pa ohun tí ojú ti rí rẹ́. Bí ìwé oníṣòwò yẹn bá wà nínú dúrọ́ọ̀ bàbá, tí ọmọ sì kà á, ọgọ́rùn-ún ìkéde ò lè gbà á sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbèsè tí àkáǹtì báńkì ń fi hàn, bí owó tó ń jáde sọ́dọ̀ ẹnì kan náà lóṣooṣù. Ẹ ka àkáǹtì yẹn délẹ̀, ẹ má wo iye tó kù nísàlẹ̀ nìkan.

Ṣé wọ́n lè gba ilé tèmi?

Wọ́n lè gbà á, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Iye tí ẹ pín tí kò yẹ kí ẹ pín ni òpin rẹ̀. Ká ní gbèsè bàbá yẹn jẹ́ 150,000, ọmọ rẹ̀ ò lè san ju 92,000 tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ.

Kó lọ gba owó náà padà lọ́wọ́ àwọn tó fún, àbí?

Bí kò bá mọ̀ nípa gbèsè nígbà tó ń pín, ó lè béèrè. Bí ó bá mọ̀, tó sì pín in bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ kì í sábà gbọ́ tirẹ̀. Àwọn tí bàbá jẹ lówó fúnra wọn lè tọ àwọn tó gba ogún lọ, ṣùgbọ́n alábòójútó ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá fà á tán. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àbúrò, ó lè ti fi 38,500 rẹ̀ san gbèsè tirẹ̀.

Ẹbí ò jẹ́ kí n sinmi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè ìpín wọn.

Ẹ sọ fún wọn pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fipá mú alábòójútó láti pín ogún kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ikú. Bí ó bá dá yín lójú pé owó pọ̀ ju gbèsè lọ dáadáa, ẹ lè fún wọn ní díẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn pé wọ́n á dá a padà bí gbèsè bá yọjú. Ìwé yẹn ò dí olówó lọ́wọ́ láti pè yín lẹ́jọ́. Bí ẹni tó fọwọ́ sí i ò bá sì ní owó, bébà lásán ni.

Mo ti ń bẹ̀rù. Ṣé mo lè kọ iṣẹ́ náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ tó fọwọ́ kan dúkìá. Ètò ìsìnkú àti títi ilẹ̀kùn ilé pa kò kà. Àmọ́ bí ẹ bá ti ta ọkọ̀ tàbí gba owó tí wọ́n jẹ olóògbé, ẹ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Mo ti pín in tán ní tèmi.

Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ pariwo, nítorí bí ohun tó kù ò bá tó fún gbogbo wọn, ẹ tún ti ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Ẹ kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó gba ogún pé kí wọ́n má tíì ná èyí tó kù lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì fi ìpín tiyín síwájú. Ilé ẹjọ́ lágbára láti dárí ji alábòójútó tó ṣe òótọ́ tó sì lo làákàyè, apá 61 nínú òfin 1925 kan náà ló fún un. Èkejì ló nira láti fi hàn ju èkíní lọ. Ẹ wá gbogbo rìsíìtì àti lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ látọjọ́ ikú, kí ẹ kó wọn tọ lọ́yà lọ kí àwọn olówó tó gbé ẹjọ́ wá.