Àkójọ ìtọ́kasí ìjábọ̀ láàbù kì í ṣe àkójọ gbogbo ìwé tí o kà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé bí àkójọ ìtọ́kasí ẹ̀yìn ìjábọ̀ láàbù bá ṣe gùn tó ni máàkì rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á wá fi ìwé méjì mẹ́ta kún un tí wọ́n kà lóòótọ́, àmọ́ tí wọn ò dárúkọ níbì kankan nínú iṣẹ́ náà. Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Àwọn olùkọ́ kan máa ń ní kí a kọ gbogbo ìwé tí a kà sílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Nínú ìlànà òǹkọ̀wé-àti-ọdún bíi APA, ohun tí àkójọ náà wà fún ni pé kí ẹni tó rí orúkọ àti ọdún láàárín ọ̀rọ̀ lè rí ìwé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú ìjábọ̀ kan yẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ mọ iye pùròtéènì tó wà nínú funfun ẹyin. Ó po aró búlúù Coomassie mọ́ ọn, ó sì wọn bí omi náà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ ní 595 nm. Bradford ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1976, torí náà akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ rẹ̀ níbi tó ti ṣàlàyé bó ṣe ṣiṣẹ́ náà. Nígbà tó dé orí ìjíròrò èsì, ó fi ọ̀nà yìí wé ti àtijọ́, èyí tí Lowry àti ẹni mẹ́ta mìíràn kọ nípa rẹ̀ ní 1951. Bó ṣe yẹ kí méjèèjì bára mu rèé, ti inú ọ̀rọ̀ lápá òsì, ìbẹ̀rẹ̀ ti inú àkójọ lápá ọ̀tún:

```
(Bradford, 1976)      Bradford, M. M. (1976).
(Lowry et al., 1951)  Lowry, O. H., Rosebrough, N. J.,
                      Farr, A. L., & Randall, R. J. (1951).
```

Orúkọ ìdílé ẹni àkọ́kọ́ àti ọdún ló so apá méjèèjì pọ̀. Nínú APA ẹ̀dà keje, tí òǹkọ̀wé bá ti tó mẹ́ta, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ àti `et al.` la ó máa kọ sáàárín ọ̀rọ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́, àmọ́ inú àkójọ la ó ti kọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Torí pé wọ́n gbọ́ pé a máa ń to àkójọ ní álífábẹ́ẹ̀tì, wọ́n á to orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà bẹ́ẹ̀, Farr á sì bọ́ síwájú. Ẹni tó bá ń wá Lowry lábẹ́ L kò ní rí nǹkan kan. Ìwé sí ìwé la ń tò. Bí àwọn òǹkọ̀wé bá ṣe tò lórí ìwé tiwọn ni kí o ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá kọ orúkọ àbísọ ṣáájú, tó kọ ọ́ sí Oliver Lowry, ti gbé ìwé náà lọ sábẹ́ O.

Àṣìṣe ọdún kéré lójú, àmọ́ ó burú. Kọ 1967 dípò 1976 láàárín ọ̀rọ̀, ìtọ́kasí náà ò sì ní ibi tí yóò dé mọ́. Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ gé ìpínrọ̀ tó fi wé ọ̀nà Lowry kúrò nítorí pé ìjábọ̀ gùn jù, ó sì gbàgbé pé Lowry ṣì wà lẹ́yìn. Nínú méjèèjì, ti àkọ́kọ́ ni mo kà sí èyí tó burú jù, torí ó fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìní ẹ̀rí.

Ibì kan ṣoṣo wà tí orúkọ lè wà láàárín ọ̀rọ̀ nínú ìjábọ̀ yìí láìsí nínú àkójọ, tí kò sì jẹ́ àṣìṣe. Tó bá jẹ́ inú ìwé Bradford nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ka nípa Lowry, tí kò fojú kan ìwé 1951 náà, ohun tó yẹ kó kọ ni `(Lowry et al., 1951, as cited in Bradford, 1976)`. Bradford nìkan ni yóò wọ inú àkójọ, nítorí òun ló kà.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi sílẹ̀ ni pé mo máa ń tẹ `Ctrl+F`, mo á wá `19`, lẹ́yìn náà mo á wá `20`. Mi ò kì í wá àkámọ́ ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún, torí nínú `Bradford (1976)` ọdún tẹ̀ lé àkámọ́, àmọ́ nínú `(Bradford, 1976)` kọ́mà àti àlàfo ló ṣáájú rẹ̀, èyí kejì yóò sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Iye bíi 20 µL náà á yọjú. Mo kàn ń fò ó ni. Gbogbo ọdún tí mo bá rí, títí kan èyí tó wà lábẹ́ tábìlì àti àwòrán, mo á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀ nínú àkójọ tí mo ti tẹ̀ sórí bébà. Ìwé tí kò bá ní ìlà ní ìparí, yíyọ ni mo ń yọ ọ́.